Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Ayàwòrán Kò Mọ̀ Ọ́n Kọ

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ yóò ti mọ dódò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n rọ̀, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dín títí tí ó fi pupa rúsúrúsú. Bí ìyá kan tí ń ṣe é bá fẹ́ ìwé àlẹ̀mọ́ aláwòrán sára ọ̀rá ọjà rẹ̀ lóde òní, ọmọ rẹ̀ lè sọ fún ẹ̀rọ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà pé kí ó ya àwo dódò kan, kí ó sì kọ "Dódò Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun" sí òkè rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwòrán yóò fi dé. Dódò ń dán, èéfín ń rú, ṣùgbọ́n "Dobo Ikrie" ni ó lè wà lókè, kí lẹ́tà kan tí kò sí nínú èdè ẹnikẹ́ni sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀rọ yìí kì í kọ̀wé. Ohun tí ó jọ ìwé ni ó ń yà. Láti inú àwọ̀ tí ó fọ́n káàkiri bí eruku ọyẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa nu eruku náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi yọ. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un pàápàá, gígé ni ó ń gé e sí wẹ́wẹ́, tí yóò sì sọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, nítorí náà kì í sábà rí lẹ́tà inú "Ìkirè" lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí dódò kan bá tóbi ju èkejì lọ, dódò náà ni. Bí igi kan bá yẹ̀ lára lẹ́tà, ó ti di lẹ́tà mìíràn.

Àmì àwa Yorùbá ni ó wá ṣòro jù. Ẹ̀rọ tí ó jáde ní 2022, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stable Diffusion, kì í ṣiṣẹ́ lórí àwòrán gan-an bí kò ṣe lórí àkékúrú rẹ̀. Ojú kan nínú àkékúrú náà dúró fún èérún àwọ̀ 8 ní ìbú àti 8 ní òró. Bí lẹ́tà ńlá kan bá ga tó èérún 40, àmì abẹ́ rẹ̀ kò ju bí èérún 5 lọ. Ó kéré ju ojú kan ṣoṣo, ni ó fi ń pòórá. Àwọn ẹ̀rọ ọdún 2024 àti 2025 ti ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n àwòrán tí a kọ Yorùbá alámì sí kò pọ̀ nínú èyí tí a fi kọ́ wọn. Pátákó ojú títì pàápàá, ta ni ó ń fi àmì sí i?

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹwà nìkan. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe oúnjẹ, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni NAFDAC ń fẹ́ lára ọ̀rá. Ẹ̀rọ a sì máa hùmọ̀ nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń hùmọ̀ èéfín.

Ohun tí ó dára ni pé kí ẹ̀rọ ya dódò nìkan, kí ó fi ìdá mẹ́ta òkè sílẹ̀ ní ògiri aláwọ̀ kan. Kí a má ṣe wí fún un pé "má kọ lẹ́tà", nítorí dídárúkọ lẹ́tà a máa pè é wá ni. Kí a yẹra fún "pátákó" àti "páálí" pẹ̀lú. Bí ìkọkúkọ kan bá ṣì yọjú ní igun, kí a fi àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kùn ún pa.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé àwòrán náà sínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í rà, kí a sì fi ọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Fọ́ǹtì ni kí a ṣọ́. Lẹ́tà Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀ kò ní. Ọ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ èyí yóò ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo hàn. Kí a tẹ "Ọ̀ṣun" wò kí a tó yan èyíkéyìí. Noto Sans àti Charis SIL kì í kùnà níbẹ̀.

Bí atẹ̀wé bá wà ní Àpòmù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì náà, yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí, ẹ̀dà méjì ni kí a tọ́jú. Ọ̀kan yóò wà bí ó ti wà, kí a lè yí ọjọ́ padà lẹ́yìn ọ̀la. Nínú èkejì, kí a yan lẹ́tà gbogbo, kí a tẹ `Object to Path`, kí wọ́n di àwòrán, kí a sì fi í pamọ́ bí PDF fún atẹ̀wé. Àwòrán tí ó fẹ̀ tó èérún 1024 yóò mọ́ kedere lórí ìwé íńṣì 3. Lẹ́tà kò ní èérún rárá, kò lè ṣú.

Kí a tẹ ẹyọ kan ṣoṣo ná, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ náà kà á sókè, nọ́ńbà pẹ̀lú. Bí àmì abẹ́ ẹ inú "Ìpínlẹ̀" bá ti ń kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀, kí a fẹ àyè àárín ìlà méjèèjì kí atẹ̀wé tó tẹ ẹgbẹ̀rún.