Ìmeèlì Tí Sáfà Ò Ṣílẹ̀kùn Fún

Ọ̀rọ̀ ìmeèlì tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ tí kò tíì dé ibi tó ń lọ, ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sáwọn òbí. Ní agogo 9:00 àárọ̀, kọ̀ǹpútà wọn kan ilẹ̀kùn sáfà tó yẹ kó gba lẹ́tà. Ohun tó wọnú àkọsílẹ̀ nìyí:

```
connect to mail.example.org[192.0.2.10]:25: Connection refused
```

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ìdáhùn wá, ṣùgbọ́n wọn ò gbà wá wọlé ní póòtù 25. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tó ń gba ìmeèlì níbẹ̀ ló ti dákú. Kò sẹ́ni tó tíì rí lẹ́tà náà, ká má tíì sọ pé wọ́n kọ̀ ọ́. Sáfà tó bá fi nọ́ńbà bíi 550 fèsì ló kọ lẹ́tà ní tòótọ́.

Bó bá jẹ́ ètò ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló lọ kanlẹ̀kùn, tí kò sì tọ́jú lẹ́tà síbì kankan, èsì ọmọ ọlọ́mọ ti sọnù nìyẹn. Èyí máa ń dùn mí, torí pé kò ṣòro láti yẹra fún. Kí ètò gbé lẹ́tà fún ètò ìmeèlì Postfix tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Postfix kì í sọ pé òun ti gba lẹ́tà àyàfi tó bá ti kọ ọ́ sórí dísìkì. Iná ì báà lọ, a óò bá a níbẹ̀.

Postfix á tún gbìyànjú. Bí a ò bá yí ètò rẹ̀ padà, ó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà bí lẹ́tà bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe dúró tó, títí dé bí ìṣẹ́jú 67. Lẹ́tà agogo 9:00 yóò tún jáde ní nǹkan bí 9:05, 9:10, 9:20, 9:40 àti 10:20. Bí wọ́n bá tún sáfà ọ̀hún ṣe ní 10:25, ó lè tó 11:27 kí lẹ́tà tó tún jáde. Ìgbà yẹn ni àṣẹ kejì nínú méjì ìsàlẹ̀ yìí wúlò, kí Postfix lè tún gbìyànjú lójú ẹsẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń fi àwọn lẹ́tà tó ń dúró hàn, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi ń dúró:

```
postqueue -p
postqueue -f
```

Bí sáfà ò bá tíì jí, àṣẹ kejì ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá sì tún èsì fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ìkánjú, ẹ̀ẹ̀mejì ni òbí yóò gbà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ 5, Postfix á dáwọ́ dúró, á sì dá lẹ́tà padà sí àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí síbẹ̀.