Ẹni Tó Sanwó Kíláàsì Tí Kò Lè Wá Mọ́: Èló Ló Yẹ Ká Dá Padà Fún Un?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olówó, ì báà jẹ́ aṣọ rírán, oúnjẹ sísè tàbí ohùn gbígbà sílẹ̀ bíi tèmi, lẹ máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó yín pé: "Owó tí ẹ bá ti san, a kì í dá a padà." Gbólóhùn yẹn la fẹ́ tú wò lónìí.

Òfin kọ́kọ́ ní tiẹ̀ láti sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà sọ ní abala 120 pé ẹni tó bá ti gba àyè sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé e. Ẹ lè yọ nínú owó rẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹ máa yọ gbọ́dọ̀ bójú mu. Òfin ní ká wo irú iṣẹ́ náà, ká wo bó ṣe tètè sọ fún yín tó, ká sì wo bóyá ẹ lè rí ẹlòmíì fi rọ́pò rẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó bójú mu? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ máa pàdánù gan-an. Ká ní mo fẹ́ ṣe kíláàsì ọjọ́ méjì ní Ìkòròdú fún èèyàn 12, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á san ₦30,000. Gbọ̀ngàn jẹ́ ₦90,000, owó olùkọ́ ₦100,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦26,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦216,000. Bí ẹnì kan ò bá wá, owó yìí ò ní tìtorí rẹ̀ dín kù. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 12, ₦18,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ àti ìwé ẹnì kan jẹ́ ₦6,000, ó sì di ìgbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rà wọ́n. ₦6,000 tó ṣẹ́ kù ni èrè mi.

Ìlànà ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá fagi lé e nígbà tó ṣì ku ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣì ráyè wá ẹlòmíì, nítorí náà kó gba gbogbo owó rẹ̀, àyàfi owó tí báńkì bá yọ. Tó bá sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kí n tó ra oúnjẹ, tí n kò sì rí ẹni rọ́pò rẹ̀, ₦18,000 ni mo pàdánù. Màá dá ₦12,000 padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ₦24,000 ti lọ. Màá dá ₦6,000 padà. Ẹ ò rí i pé n kò gba èrè lórí iṣẹ́ tí n kò ṣe fún un?

Àmọ́ tí ẹlòmíì bá jókòó sáyè yẹn ńkọ́? Kò sí ohun tí mo pàdánù mọ́. Bí mo bá tún mú ₦18,000 ti ẹni àkọ́kọ́, mo ti ta àga kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé bí àyè bá kún, owó máa padà pé. Ẹ sì gbà kí ẹni tó sanwó fi àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ́pò láìsan kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ má kàn kọ "ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú." Ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ẹ sì sọ pé ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Wáàsáàpù bá wọlé lẹ máa kà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rí i. Ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Apá kejì làwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bó bá jẹ́ olùṣètò ló yí nǹkan padà. Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó kíláàsì kan ní Ìkòròdú. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kíláàsì ò kúkú yẹ̀, torí náà kò sí owó tó máa padà. Ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì wá di ẹni tó máa wọkọ̀ gba Ìtòìkín kọjá láàárọ̀, kó tún wọ̀ ọ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méjì. Ohun tó sanwó fún kọ́ nìyẹn mọ́. Èyí ni mo máa ń kọ sínú tèmi:

"Bí a bá yí ọjọ́, ìlú tàbí olùkọ́ padà, ẹ̀yin lẹ máa yàn: ẹ wá, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ gba gbogbo owó yín láàárín ọjọ́ márùn-ún, sínú àkáǹtì tí ẹ fi san án."

Ẹ kíyè sí i pé oníbàárà ló ń yàn. Ẹni tó fẹ́ owó rẹ̀, ẹ má fi kíláàsì oṣù tó ń bọ̀ dí i lẹ́nu.

Ó ku ibi tí ìlànà tó dáa ti máa ń dojú dé: owó ti tán lọ́wọ́ olùṣètò. Títí ọjọ́ 14 yẹn fi máa kọjá, owó àwọn èèyàn ṣì ni. Ẹ fi í sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀. Tó bá pọn dandan kí ẹ san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, owó ara yín ni kí ẹ fi san án. Bí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sún ọjọ́ ìdápadà síwájú dé ọjọ́ tí ẹ máa sanwó gbọ̀ngàn, kí ẹ má bàa ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Ní ìparí, òkè nọ́ńbà àkáǹtì ni kí ẹ kọ ìlànà náà sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó á ti kà á kó tó san. Ó dìgbà kan ná o.