Tí Ẹ Bá Kọ "Pulọ́ọ̀tì Kan", Ẹ Ò Tíì Sọ Bí Ilẹ̀ Yín Ṣe Tóbi Tó

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Igbókòdá)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpolówó ilẹ̀ tí a máa ń fi sórí Wátsáàpù ẹgbẹ́ wa. Ẹ má bínú pé ọmọdé ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ níwájú àgbà. Èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi kékeré fẹ́ ta ilẹ̀ kan ní apá ọ̀nà Òkìtìpupa. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ síta, torí èmi ni mo mọ fóònù tẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan fún títà ní Igbókòdá. Ilẹ̀ gbígbẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì." Lójú tèmi, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan rí i ní Èkó, wọ́n san àsansílẹ̀, wọ́n sì wọkọ̀ wálé ní oṣù kẹwàá, téèpù lọ́wọ́ wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn àti bàbá mi kékeré ti ń pariwo mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ olè àti oníjìbìtì sì ti wọ̀ ọ́. Èèyàn méjì tí wọ́n jọ dàgbà ni o.

Pulọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa rò pé pulọ́ọ̀tì jẹ́ fíìtì 60 lọ́nà fíìtì 120, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á níbi tí wọ́n ń gbé. Bàbá mi kékeré ní tiwọn mọ fíìtì 50 lọ́nà fíìtì 100 sí pulọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ta á fún wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 60 lọ́nà 120 jẹ́ 7,200. 50 lọ́nà 100 jẹ́ 5,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa rò pé àwọn ń rà ni kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn wọn.

Nígbà tí wọ́n wá ta téèpù, a rí i pé kò tiẹ̀ pé 5,000. Iwájú rẹ̀ jẹ́ fíìtì 50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 38, torí ilẹ̀ náà fún lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbi tí kòtò omi gbà kọjá. Irú ilẹ̀ báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí ilẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ro iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, 50 àti 38 jẹ́ 88. Ẹ pín in sí méjì, ó di 44. Ẹ wá fi gígùn rẹ̀, 100, sọ ọ́ di púpọ̀: 4,400. Ìṣirò yìí bára mu tí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba ní títẹ̀, tí gígùn náà bá sì jẹ́ láti iwájú tààrà dé ẹ̀yìn. Tí ilẹ̀ bá wọ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé sáfè nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìwé sáfè wà nílé wa látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó wò ó! Mítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òun ló jẹ́ kó ṣòro fún àwọn àgbà wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tó so òkúta sáfè kan mọ́ èkejì, ẹ óò rí bí ìlà náà ṣe gùn tó. Mítà kan jẹ́ fíìtì 3.28. Iwájú ilẹ̀ wa jẹ́ mítà 15.24, ìyẹn ni fíìtì 50. Gbogbo ilẹ̀ náà lápapọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 408.77, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà kedere. Ká ní mo kọ nọ́mbà yẹn síta ni, ìjà ì bá má wáyé.

Ó ku ti ibi tí ilẹ̀ wà. "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì" tí mo kọ, orí ọ̀kadà ni mo wà lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa fẹsẹ̀ rìn ín, ó gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú, nínú ẹrẹ̀. Ẹ má kọ ìṣẹ́jú mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ iye mítà láti ibi tí gbogbo ayé mọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá típà lè dé ibẹ̀, torí ẹni tí yóò da yanrìn sílẹ̀ kó tó kọ́lé gbọ́dọ̀ mọ̀. Orúkọ Igbókòdá pàápàá ń da èèyàn rú. Àwọn kan máa ń kọ "Igbókòdá" sórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ débẹ̀, torí pé àtọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ kọ orúkọ abúlé náà gan-an. Tó bá sún mọ́ òkun, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Ẹ ti rí bí òkun ṣe ń jẹ Ayétòrò, mítà tọdún yìí lè má sí lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ilẹ̀ gbígbẹ" ló burú jù. Inú ọyẹ́ ni mo ya fọ́tò, ilẹ̀ sì ń dán. Ní oṣù kẹwàá, omi wà ní apá ẹ̀yìn, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀: igi ògùrọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò yẹn, ìlà omi sì wà lára ògiri ilé aládùúgbò. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún nígbà òjò, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo bóyá omi á sun síbẹ̀.

A tún un kọ. Bó ṣe jáde lẹ́ẹ̀kejì nìyí:

"Ilẹ̀ títà, inú ìlú Igbókòdá, apá ọ̀nà Òkìtìpupa. Iwájú fíìtì 50, ẹ̀yìn 38, gígùn 100. Mítà onígun mẹ́rin 408.77 lórí ìwé sáfè. Kìlómítà kan àtààbọ̀ sí títì ọ̀dà, ọ̀nà erùpẹ̀. Típà ń dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi máa ń wà ní apá ẹ̀yìn, ó ń dé ọrùn ẹsẹ̀. Oṣù kẹwàá la ya fọ́tò. Risíìtì ẹbí àti sáfè wà. Kò tíì ní Sí-ọf-Ó."

Àkọlé rẹ̀ ni gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn, torí òun lèèyàn máa ń rí kó tó tẹ ìyókù. Ẹ má fi fọ́tò ìwé sáfè fúnra rẹ̀ sórí gúrúpù o. Oníjìbìtì lè gbé e lọ ta ilẹ̀ yín fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti wá wo ilẹ̀ ni kí ẹ fún ní ẹ̀dà rẹ̀, kí sáfeyọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lọ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà.

Bàbá mi kékeré kọ́kọ́ ní mo ti ba ọjà àwọn jẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni ò fi pè. Ẹni tó wá rà á níkẹyìn mú téèpù wá, ó wọ̀n ọ́n, ó bá ohun tí a kọ mu, ó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iye rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. A ti dá àsansílẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa padà, ṣùgbọ́n àwọn àti bàbá mi kékeré ò tíì máa kí ara wọn dáadáa.