Ẹ Ka Wákàtí Yín Kí Ẹ Tó Ka Owó Yín
(Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹ̀ka wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí owó ófàtáìmù ṣe máa ń sọnù nígbà tí akọ̀wé owó bá da ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ìwà olè. Nígbà púpọ̀, àròpọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n owó tó bá sọnù, sísọnù náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Àdéhùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 8 ni iṣẹ́ òòjọ́, wákàtí kan sì jẹ́ ₦600. Ohun tó bá lé lórí wákàtí 8 lọ́jọ́ kan jẹ́ owó kan àti ààbọ̀, ìyẹn ₦900. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn ₦1,200.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, iṣẹ́ òru ni ó ṣe, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, ní alẹ́ márùn-ún. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò dé, ó sì dúró títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ bá mi kà á: wákàtí 2 kí ilẹ̀ tó pín, 10 lẹ́yìn rẹ̀, ó di 12. Ẹ yọ 8 kúrò, ó ku 4. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún pè é, ó ṣe wákàtí 8. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì béèrè owó ọjọ́ náà. Wákàtí 32 ni ó ṣe.

Akọ̀wé ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí 84. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 80, nítorí náà ófàtáìmù jẹ́ 4. Ó kọ ₦48,000 àti ₦3,600, àpapọ̀ ₦51,600. Lójú ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ó jọ pé ó pé, torí wákàtí 4 náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá kà á bí àdéhùn ṣe wí. Wákàtí lásán jẹ́ 40 àti 32, ìyẹn 72, owó rẹ̀ ₦43,200. Ófàtáìmù wákàtí 4 jẹ́ ₦3,600. Wákàtí 8 ti ọjọ́ Àìkú jẹ́ ₦9,600. Àpapọ̀ jẹ́ ₦56,400. Ọkùnrin yìí pàdánù ₦4,800. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi dí àlàfo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò wá, wọ́n sì san án bí ọjọ́ lásán.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Bí ìwé owó yín bá ní ìlà kan ṣoṣo fún gbogbo wákàtí, ẹ fura. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ rí: ti iṣẹ́ lásán, ti ófàtáìmù, ti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ wo iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ẹgbẹ́.

Ẹ ní ìwé kékeré tiyín. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ wọlé, àti ti ìjáde. Ṣífìtì òru, ẹ kọ ọ́ sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má pín in sí méjì. Bí ẹ bá ṣe ófàtáìmù, kí fọ́ọ̀manù fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè ti gbàgbé. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kọ ìgbà tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àti ìgbà tí ẹ dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin mọ. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní ìpín 13, sọ pé ohun tó bá kọjá wákàtí tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí jẹ́ ófàtáìmù, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye owó rẹ̀. Inú àdéhùn ni iye náà wà. Ó tún fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 láìdá dúró láàárín ọjọ́ 7. Bí wọ́n bá gé e kù, kí wọ́n dá àkókò náà padà kó tó ju ọjọ́ 14 lọ, tàbí kí wọ́n san owó ófàtáìmù dípò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka àdéhùn tiyín kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé iṣẹ́ míràn wà tí wọ́n ń ka ófàtáìmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Níbẹ̀, ìṣirò á yàtọ̀.

Bí ìwé yín àti ìwé owó kò bá dọ́gba, ẹ má pariwo lójú fèrèsé owó. Ẹ mú ìwé méjèèjì àti káàdì àago lọ bá aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka yín, kí ẹ sì tọ́ka sí ọjọ́ náà gan-an. Akọ̀wé kò lè jiyàn pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ìfọwọ́sí.