Sílàìdì kan ṣoṣo tí ọ̀gá máa kà: ìròyìn ọjà oṣù mẹ́ta láti Ọjà-Ọ̀dàn

Ẹnì kan tó ń bá kọ́ńpìnnì tajà ní agbègbè Yewa fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní wọ́n ní kóun wá ṣàlàyé ọjà oṣù mẹ́ta níwájú ọ̀gá àgbègbè, pé kí sílàìdì àkọ́kọ́ jẹ́ àkópọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ti ṣe sílàìdì 22, kò sì mọ èyí tó máa fi síwájú.

Mo bi í pé, níbo lọ̀gá ti máa wò ó? Ó ní lórí fóònù, nínú mọ́tò, láàárín Abẹ́òkúta sí Ìlaró. Ó dáa. Ìyẹn ni pé sílàìdì àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀gá máa kà, àwọn yòókù á wà níbẹ̀ bí ẹ̀rí. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ tàbí lẹ́tà. Ìṣirò ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo ṣe àwọn iye yìí kó lè rọrùn, wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ọṣẹ ìfọṣọ là ń tà ní Ọjà-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé tó yí i ká. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a ta páálí 4,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5,000 náírà. Mílíọ̀nù 20 nìyẹn. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún 2023, páálí di 7,000 náírà, a sì ta 3,600. Owó tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 25.2. Tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa jẹ́ mílíọ̀nù 24.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa kọ ọ́ sórí sílàìdì pé: “Ọjà gòkè pẹ̀lú ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, a ṣe ìdá 105 tágẹ́ẹ̀tì.” Irọ́ kọ́ o. Àmọ́ bí ọ̀gá bá gbọ́n, ìbéèrè kan ló máa fi tú u ká: páálí mélòó?

Ẹ ṣí Excel. Ẹ fi iye páálí ti ọdún tó kọjá sí B2, ti ọdún yìí sí C2. Owó páálí kan ti ọdún tó kọjá wà ní B3, ti ọdún yìí ní C3. Ìlà méjì péré ni:

```
=(C2-B2)*B3
=(C3-B3)*C2
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí páálí tó dín kù gbà lọ́wọ́ wa: mílíọ̀nù 2 lọ. Ìlà kejì sọ ohun tí owó ọjà tó gbówó lórí fi kún un: mílíọ̀nù 7.2 wọlé. Ẹ yọ 2 nínú 7.2, ó ku 5.2, òun náà ni ìyàtọ̀ àárín 20 àti 25.2. Tí kò bá bára mu báyìí, ẹ ti ṣi nǹkan kọ síbì kan.

Ẹ wo tágẹ́ẹ̀tì náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí páálí ṣì jẹ́ 5,000. Mílíọ̀nù 24 nígbà yẹn túmọ̀ sí páálí 4,800. Páálí 3,600 la tà. Ìdá 75 nìyẹn, kì í ṣe 105. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìkejì pa mọ́, ọ̀gá máa rí i fúnra rẹ̀, kò sì ní gba nǹkan míì tẹ́ ẹ bá sọ lọ́jọ́ yẹn gbọ́.

Ó wá kan ìdí. Níbí ni Ọjà-Ọ̀dàn ti yàtọ̀ sí Abẹ́òkúta, torí ẹnu ibodè ni wá. Tẹ́ ẹ bá pín páálí náà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, ẹ lè rí i pé àwọn ṣọ́ọ̀bù abúlé dín páálí 500 kù, tí alágbàtà kan tó ń tà fún àwọn ará Kétu àti Pobẹ̀ sì fi 100 kún tirẹ̀. Páálí 400 tó dín kù yẹn bo ìtàn méjì mọ́lẹ̀.

Ti abúlé, epo ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó jálá bẹ́ńtírò ju ìlọ́po méjì lọ. Agbègbè ibodè sì ti ní wàhálà epo tirẹ̀ látìgbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnu ibodè. Ìyá tó ń fi ọ̀kadà gbé páálí mẹ́ta lọ sábúlé á ṣírò owó ọkọ̀, á sì mú ẹyọ kan. Ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀ o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì wo ìwé ilé ìkẹ́rùsí bóyá ọjà kò tán lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ kan. Tó bá tán, ẹ̀bi tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti epo.

Ti alágbàtà yẹn, sẹ́fà ni. Iye kan náà ni sẹ́fà máa ń jẹ́ sí yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ọjà wa di pọ́ọ́kú lójú ẹni tó ń ná sẹ́fà. Ṣùgbọ́n páálí 100 yẹn kì í ṣe tiwa títí láé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè pa, ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, ẹ má fi dí ihò abúlé.

Ó ku ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó máa gbé ọjà lọ sábúlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìrìn kan jẹ́ 40,000 náírà, pé èrè wa lórí páálí kan jẹ́ 1,200. Ọ̀sẹ̀ 13 máa ná wa ní 520,000. Ká tó rí owó yẹn padà, páálí 434 gbọ́dọ̀ padà wá nínú 500. Ta ló máa fọwọ́ sí i? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ìrìn méje ni, 280,000, páálí 234 sì tó. Kẹ́ ẹ fi ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró sí i: lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta, 120,000 ti lọ, tí a kò bá tíì rí páálí 100 kún un, a dáwọ́ dúró.

Sílàìdì náà á wá rí báyìí. Àkọlé rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn odindi: “Owó wọlé mílíọ̀nù 25.2, ṣùgbọ́n páálí dín 400. Abúlé la ti pàdánù.” Lábẹ́ rẹ̀, owó, páálí, àti tágẹ́ẹ̀tì lọ́nà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ìlà kan fún epo, ìlà kan fún sẹ́fà. Nísàlẹ̀ pátápátá: “Mo ń béèrè 280,000 fún ìrìn méje, ìdáhùn kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá.”

Nínú 22 yẹn, mẹ́rin ló kù lẹ́yìn àkọ́kọ́: páálí lọ́dọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ìwé ilé ìkẹ́rùsí, àti ìṣirò ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i lórí fóònù tiyín, ẹ má fọwọ́ fà á tóbi. Ìlà tẹ́ ẹ kò bá lè kà, ẹ yọ ọ́.