Ohun Tí Ìtọ̀ àti Ìgbẹ́ Ń Sọ Nígbà Tí Ojú Bá Pọ́n

Mo mọ̀ pé ìgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwùjọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Nílé wa, bí ẹyinjú ènìyàn bá ti di àwọ̀ ìyeyè, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ la máa ń pè é, àgbo kan náà la sì ń sè fún gbogbo ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n. Ojú pípọ́n nìkan kò tó ṣe ìdájọ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń júwe ibi tí ọ̀ràn wà.

Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bó bá gbó, ara á tú u palẹ̀, ohun pupa inú rẹ̀ á sì di èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn dókítà ń pè ní bilirúbíìnì. Èròjà yìí kì í yòrò nínú omi. Ara pùrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, kíndìnrín kò sì lè sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò, tó sì ń dà á mọ́ òróòro. Òróòro á gba ọ̀pá tóóró kan sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ èròjà náà di ohun tó ń pa ìgbẹ́ láró. Àwọ̀ tí ẹ ń rí nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Láti kékeré lojú rẹ̀ ti máa ń pọ́n díẹ̀, nítorí pé hóró ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó fọ́. Bilirúbíìnì pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè tètè gbà lọ. Síbẹ̀ ọ̀nà òróòro ṣí sílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú dáadáa.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó jẹ àkàrà tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé ní, “Ṣebí bójú ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ìyá rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ìtọ̀ ọmọ ti dúdú bí ẹni mu omi díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń mumi. Bí wọ́n bá gbọn ìtọ̀ náà nínú ìgò, ìfófòó rẹ̀ á tún pọ́n. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ara ń yún un láìsí èélá, kò sì fẹ́ rí oúnjẹ, pàápàá ohun tó lépo.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Bilirúbíìnì tó ti ń pọ̀ jù láti ọdún wọ̀nyí ti dì di òkúta nínú àpò òróòro. Òkúta kan sì ti bọ́ sínú ọ̀pá, ó dí i. Ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti sọ di yíyòrò kò rí ọ̀nà lọ sínú ìfun, ó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé ó ń yòrò báyìí, kíndìnrín lè sẹ́ ẹ: ìtọ̀ dúdú. Ìfun kò rí àró gbà: ìgbẹ́ funfun. Láìsí òróòro, ọ̀rá kò dà dáadáa: inú ń kún, èébì ń gbéni, oúnjẹ kò wuni. Fítámì K, tó nílò ọ̀rá kó tó wọ ara, náà kò wọlé mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè má tètè dì bí ó bá fara gbọgbẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ fítámì K kí wọ́n tó yọ òkúta náà.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ funfun nìkan kò fi òkúta hàn. Nínú àrùn mẹ́dọ̀wú, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló wú. Níbẹ̀, àìlejẹun àti ìtọ̀ dúdú sábà máa ń ṣáájú ojú pípọ́n, àwọ̀ ìgbẹ́ sì lè ṣí fún ìgbà díẹ̀. Nínú àgbàlagbà tí inú kò run tó sì ń rù, kókó jẹjẹrẹ ló lè máa fún ọ̀pá náà pa. Síkáànì ikùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àgbo kò lè yọ òkúta nínú ọ̀pá, òmíràn sì tún máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò pọ̀: bí ojú ẹnì kan bá pọ́n, ẹ bi í nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà. Bí ibà pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì bá tún kún ojú pípọ́n àti inú rírun, ọ̀pá tó dí náà ti lè kó kòkòrò àrùn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.