Kí A Tó Gba Ẹ̀rọ Ìṣirò Gbọ́: Ìfojúdíwọ̀n Ìdá Ọgọ́rùn-ún Láti Ara Àwòrán Olópòó

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Bí ẹ̀rọ ìṣirò bá gbé ìdáhùn síwájú wa, báwo la ṣe lè tètè mọ̀ bóyá ìdáhùn náà ṣeé gbà? Ohun tí ìka wa bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ṣírò. Kò ní béèrè bóyá ohun tí a ní lọ́kàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkànìyàn ọdún 2006 ní Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ. Iye èèyàn tí wọ́n kéde fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù nìyí: Èkó 9,113,605, Ọ̀yọ́ 5,580,894, Ògùn 3,751,140, Oǹdó 3,460,877, Ọ̀ṣun 3,416,959, Èkìtì 2,398,957. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 27,722,432. Ká ní wọ́n wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mélòó ló wà ní Ọ̀yọ́?

Kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ sún àwọn iye náà sí èyí tó rọrùn láti pín. Iye ti Ọ̀yọ́ sún mọ́ mílíọ̀nù 5.6, àpapọ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù 28. Bí a bá pín 28 sọ́nà márùn-ún, 5.6 gan-an ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yọ́ kó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, èyí tí í ṣe ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó kọ 20 sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kó tó wá tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kan náà la sún iye méjèèjì sí. A gbé méjèèjì sókè díẹ̀. Bí a bá gbé apá kan sókè tí a sì rẹ àpapọ̀ sílẹ̀, àṣìṣe méjèèjì yóò para pọ̀. Ẹni tó bá sún Ọ̀yọ́ sí 6, tó sì kó mílíọ̀nù tó sún mọ́ jù lọ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ, ìyẹn 9, 6, 4, 3, 3 àti 2, yóò ní 6 nínú 27, èyí tó lé ní ìdá 22. Ìyẹn ti jìnnà díẹ̀ sí òtítọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká tẹ ẹ̀rọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, 20.13 ni yóò gbé jáde. Bí ìka bá fo nọ́ńbà tó kẹ́yìn iye Ọ̀yọ́, tó tẹ 558,089, ẹ̀rọ yóò sọ pé 2.01. Bí a bá dojú ìpín dé, tí a fi àpapọ̀ ṣáájú, yóò sọ pé 496.7. Ẹni tó ti kọ 20 sílẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú kó tó mọ̀ pé nǹkan ti wọ́.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tó máa ń fara pamọ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ń ro ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ó wá gbàgbé Èkìtì. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 25,323,475, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì di 22.04. Ṣé 22 jìnnà sí 20 débi tí a ó fi kọ̀ ọ́? Láti mọ̀, a ní láti pa ààlà méjì. Fún ààlà ìsàlẹ̀, ẹ rẹ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ sí 5.5, kí ẹ sì gbé àpapọ̀ sókè sí 28. Fún ààlà òkè, ẹ gbé Ọ̀yọ́ sókè sí 5.6, kí ẹ sì rẹ àpapọ̀ sílẹ̀ sí 27.5. Ìdá kan nínú márùn-ún 28 jẹ́ 5.6, nítorí náà 5.5 kò tó ìdá 20, ṣùgbọ́n 0.1 péré ló fi dín. Ìdá kan nínú márùn-ún 27.5 jẹ́ 5.5, nítorí náà 5.6 fi 0.1 lé. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún 27.5 sì jẹ́ 0.275, 0.1 kò tó ìdajì rẹ̀. Ìdáhùn tòótọ́ kò lè kúrò láàárín 19.5 sí 20.5. Kò sáyè fún 22 níbẹ̀.

Kí ni ká wá ṣe bó bá jẹ́ àwòrán olópòó nìkan la ní, tí wọn kò kọ iye sórí òpó kankan? Ẹ fi ojú bá orí òpó kọ̀ọ̀kan lọ síbi ìlà ìwọ̀n, kí ẹ kà á dé ìdajì mílíọ̀nù tó sún mọ́ ọn jù lọ. Èkó á jẹ́ 9, Ọ̀yọ́ márùn-ún ààbọ̀, Ògùn 4, Oǹdó àti Ọ̀ṣun mẹ́ta ààbọ̀ mẹ́ta ààbọ̀, Èkìtì méjì ààbọ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 28. Bí a bá kà á dáadáa, àṣìṣe orí òpó kan kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù lọ. Fún òpó mẹ́fà, kò lè ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Àpapọ̀ tòótọ́ wà láàárín 26.5 sí 29.5, mílíọ̀nù 25.3 ti ẹni tó gbàgbé Èkìtì sì ti bọ́ sóde.

A tún lè ṣe é láìka ìlà ìwọ̀n rárá. Ẹ mú ìwé pẹlẹbẹ tó gùn, kí ẹ fi bíro sàmì gíga òpó kọ̀ọ̀kan sí etí rẹ̀, kí ìkan máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkejì parí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíga òpó Ọ̀yọ́ wọn gbogbo rẹ̀. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nígbà márùn-ún, bíńtín ló fi dín. Ìdá 20 náà la tún bá pàdé.

Ọgbọ́n ìwé yìí ṣiṣẹ́ kìkì bí ẹsẹ̀ òpó bá wà lórí òdo. Bí ẹni tó ya àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ ìlà ìwọ̀n láti mílíọ̀nù 2, ó ti gé mílíọ̀nù méjì kúrò lẹ́sẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Òpó Èkìtì yóò ku 0.4, ti Èkó yóò ku 7.1. Lójú, Èkó yóò dà bíi pé ó fi ìlọ́po tó lé ní mẹ́tàdínlógún ju Èkìtì lọ, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ kò pé ìlọ́po mẹ́rin. Ìwé tí a fi wọ̀n ọ́n yóò fún Èkìtì ní nǹkan bí ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí tirẹ̀ gan-an lé ní ìdá mẹ́jọ ààbọ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ìlà ìwọ̀n ni kí ojú kọ́kọ́ lọ. Bí kì í bá ṣe òdo ló wà níbẹ̀, ẹ pa ọgbọ́n ìwé tì, kí ẹ ka nọ́ńbà.

Ìfojúdíwọ̀n ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìka bá tẹ 5,580,984 dípò 5,580,894, kò ní rí i, torí ìdáhùn kò yí padà débi tó máa hàn. Kò sì lè sọ bóyá iye tí wọ́n kà péye. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ iye tí wọ́n kéde fún un nígbà ìkànìyàn yẹn, wọ́n ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún làwọn kà. Ìyẹn kọjá ohun tí ìsúnmọ́ iye lè yanjú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá fún ọmọ, ẹ ní kó kọ iye tó fojú díwọ̀n sílẹ̀ kó tó tẹ ẹ̀rọ, kí ẹ sì fún un ní máàkì fún ìyẹn náà. Iye tí a bá kọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyẹ̀wò mọ́, àdàkọ ni.